Yọ Ìṣó Kúrò Lára Aṣọ Tábìlì Yẹn

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìtìjú mi. Lọ́dún tó kọjá, mo dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi sẹ́mínà ẹ̀ka wa, mo ń fi fídíò kékeré kan tí mo ṣe nínú Blender hàn wọ́n. Aṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan fúyẹ́ bí àǹkárá, èkejì nípọn bí aṣọ òkè. Wọ́n já bọ́ sórí tábìlì kan náà, wọ́n sì rọ̀ sísàlẹ̀ létí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni bí líle aṣọ ṣe ń yí bó ṣe ń ṣẹ́ po padà. Mo tiẹ̀ ti fi àwòrán náà sínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ wa ló nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Àbúrò, apá ọ̀tún aṣọ yìí gùn gan-an, apá òsì kúrú. Kí ló dì í mú tí kò fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀?"

Mo ní, "Mo kàn án níṣòó ni, mà."

"Ta ló ń kan aṣọ níṣòó mọ́ tábìlì oúnjẹ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ti tutù, torí mo mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí. Àwòrán méjèèjì tí mo fẹ́ fi wéra, ìṣó ló ṣe ìdajì iṣẹ́ inú wọn. Mo ní láti lọ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi pé kí wọ́n má tíì ka apá yẹn, kí n tún un ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Bí ẹ bá ń da aṣọ bo tábìlì nínú Blender, ẹ má kàn án níṣòó, àyàfi bí nǹkan kan bá wà lóòótọ́ tó di aṣọ náà mú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fídíò tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló ní kí ẹ kàn án kí ẹ lè sinmi. Mi ò gbà, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí aṣọ ṣe rí lójú Blender. Àwọ̀n ni. Gbogbo ibi tí okùn àwọ̀n ti pàdé jẹ́ kókó kan, òun ni Blender ń pè ní `vertex`. Àwọn okùn tó so kókó pọ̀ ń ṣe bíi sípíríǹgì: ẹ fà á, á fẹ́ padà, ẹ tì í, á fẹ́ nà. Òòfà ilẹ̀ ń fa kókó kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀, sípíríǹgì sì ń bá a jà. Ìyẹn náà ni gbogbo aṣọ.

Láti kan kókó níṣòó, ẹ máa yan àwọn tí ẹ fẹ́ nínú `Edit Mode`, ẹ ṣe `Vertex Group` fún wọn, ẹ fún wọn ní `Weight` 1, kí ẹ wá lọ sí abẹ́ `Cloth`, níbi `Shape`, kí ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú `Pin Group`. Láti ìgbà yẹn lọ, àwọn kókó wọ̀nyẹn ti jáde kúrò nínú ìṣirò. Òòfà ilẹ̀ kò kàn wọ́n, tábìlì kò lè tì wọ́n, aṣọ tó ń fà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè sún wọn. Ibi tí àwọ̀n yín wà kí ẹ tó tẹ `Play` ni wọ́n máa wà títí láé, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé wọn.

Ṣé ẹ rí wàhálà ibẹ̀? Èmi ti kan gbogbo kókó tó wà lókè tábìlì. Ìyẹn ni pé nínú àwòrán mi, tábìlì náà kò ṣe iṣẹ́ kankan lókè. Mo lè yọ ọ́ kúrò, aṣọ á ṣì dúró lófuurufú bí iṣẹ́ bàbáláwo. Gbogbo nọ́ńbà tí mo fi odidi alẹ́ kan yí nínú `Collision`, kò sí èyí tí mo dán wò ní ti gidi níbi tó ṣe pàtàkì jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é láìsí ìṣó. Tábìlì mi gùn ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 0.8, pákó òkè rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3. Aṣọ mi jẹ́ mítà 1.8 sí 1.4, kó lè rọ̀ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fi `Grid` ṣe aṣọ náà, mo pín in sí 90 ní gígùn àti 70 ní fífẹ̀, kí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní ìhà gbogbo. Lẹ́yìn tí mo fà á dé ìwọ̀n tí mo fẹ́, mo tẹ `Ctrl+A`, mo yan `Scale`, kí nọ́ńbà tí mo ń rí lè jẹ́ mítà tòótọ́. Aṣọ gba `Cloth`, tábìlì gba `Collision`. Ẹ má gbàgbé ti tábìlì o, torí bí ẹ kò bá fún un, aṣọ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Níbo lẹ máa gbé aṣọ sí kó tó já bọ́? Ibí yìí ni ìṣòro àkọ́kọ́ tó ń lé àwọn èèyàn sá lọ bá ìṣó ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé aṣọ sókè ní mítà kan, torí ó dùn ún wò bó ṣe ń bọ̀. Àmọ́ ohun tó já bọ́ láti mítà kan máa ń yára tó mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá fi dé ìsàlẹ̀. Bí fídíò yín bá ń lo fírémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 nínú fírémù kan ṣoṣo. `Quality Steps` tí Blender gbé kalẹ̀ látilẹ̀wá jẹ́ 5, ìyẹn ni pé ó ń pín fírémù kan sí ìgbésẹ̀ márùn-ún, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.7. Pákó tábìlì mi kò ju 3 lọ! Láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, kókó kan lè wà lókè pákó kó sì bára rẹ̀ nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí Blender fi sínú ìṣirò á dín eré náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè gbọ́kàn lé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé `Quality Steps` lọ sí 30, kọ̀ǹpútà á máa hó bíi kẹ́tùlù. Èmi gbé aṣọ wálẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 5 lókè tábìlì. Láti ibẹ̀, eré rẹ̀ kò ju mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ìṣòro náà tán láìná mi ní nǹkan kan. Bí ẹ bá ṣì rí aṣọ tó ń wọ inú tábìlì lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí `Face Orientation` kí ẹ wò ó bóyá ara tábìlì pupa. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Bó bá pupa, ojú ìta rẹ̀ ti di ojú inú, á sì máa ti aṣọ síbi tí kò yẹ.

Nígbà tí aṣọ jókòó, mo rí i pé kò fara kan tábìlì. Àlàfo wà láàárín wọn, bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ó dà bí ẹni pé ẹ̀mí airí kan ń gbé aṣọ náà. Kì í ṣe àṣìṣe Blender. Nọ́ńbà méjì ló ń para pọ̀ ṣe é: `Distance` tó wà lára aṣọ jẹ́ mítà 0.015, `Thickness Outer` tó wà lára tábìlì jẹ́ 0.02. Kókó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ tábìlì ju ohun tí àwọn méjèèjì fún un láàyè lọ. Àlàfo yẹn ló ń fún ètò náà lásìkò láti ti kókó padà kó tó wọ inú pákó.

Mo sọ méjèèjì di 0.005. Àlàfo wá kù díẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà kan. Torí pé ààbò ti dín kù, mo gbé `Quality Steps` sí 10, mo sì gbé `Quality` tó wà lábẹ́ `Collisions` láti 2 sí 4. Èyí tó kù nínú àlàfo náà, mo fi `Solidify` dí i: mo gbé e sí ìsàlẹ̀ `Cloth` nínú àwọn `Modifier`, kí aṣọ lè nípọn lọ sí ìhà tábìlì. Ẹ tún fi `Bevel` kékeré gé etí tábìlì, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, torí etí tó mú bí abẹ máa ń yọ jáde láàárín kókó méjì.

Wàyí o, ìdánwò tí mo ní kí gbogbo yín ṣe. Bí aṣọ bá wà ní àárín gbùngbùn tábìlì, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí kọ́. Ìhà ọ̀tún ń fà á, ìhà òsì ń fà á, ọgbọọgba ni wọ́n, aṣọ á dúró kódà bí tábìlì bá yọ̀ bí ilá. Ẹ sún aṣọ náà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó tẹ `Play`. Ìhà kan á rọ̀ ní 50, èkejì ní 10. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 40, ohun tó jókòó sórí tábìlì sì jẹ́ 120. Ká fojú fo ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, 40 tó ń fa aṣọ lọ nìyẹn, tí 120 sì gbọ́dọ̀ dì í mú nípa fíríkíṣọ̀n, ìyẹn agbára tí kì í jẹ́ kí nǹkan yọ̀. 40 lórí 120 jẹ́ 0.33. Bí fíríkíṣọ̀n bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí aṣọ yọ̀.

Ẹ wá wo `Friction` lára tábìlì nínú Blender. 5 ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ nínú kóòdù Blender, wọ́n máa ń fi 0.01 sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀ kí wọ́n tó lò ó. 5 yín yẹn, 0.05 péré ni. Orí yìnyín ni ẹ tẹ́ aṣọ sí! Nígbà tí mo tẹ `Play`, aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí ìhà tó gùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kúrò lórí tábìlì pátápátá. Mo gbé e sí 40, ìyẹn 0.4. Ó sún díẹ̀, ó sì jókòó.

Ìdí rèé tí mo fi ní ìṣó burú. Ohun tó yẹ kí n mọ̀ nípa àwòrán mi ni pé fíríkíṣọ̀n inú rẹ̀ kò tó nǹkan kan, ìṣó sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti fi aṣọ náà sílẹ̀ lófẹ̀ẹ́, ó máa yọ̀, màá bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀, màá sì rí nọ́ńbà 5 yẹn ní ọjọ́ kìíní. Aṣọ tó ń yọ̀ ń sọ ohun tó ń ṣe é fún yín. Èyí tí ẹ kàn níṣòó kò lè sọ nǹkan kan.

Ìṣó tún ba ìfiwéra mi jẹ́ lọ́nà kejì. Aṣọ tó le máa ń fẹ́ dìde díẹ̀ níbi etí tábìlì, kì í fẹ́ ṣẹ́ lójijì. Torí pé mo ti kàn án mọ́lẹ̀ títí dé etí gan-an, aṣọ òkè mi kò lè dìde. Ó ṣẹ́ níbi kan náà tí àǹkárá ti ṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá kiri, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á.

Nǹkan kan tún wà tí mo rí nígbà tí mo tún iṣẹ́ náà ṣe, mi ò lè má sọ ọ́. `Vertex Mass` nínú Blender jẹ́ 0.3 kìlógíráàmù látilẹ̀wá, ìwọ̀n kókó kan ṣoṣo sì ni, kì í ṣe ti odidi aṣọ. Aṣọ mi tó pín sí 90 àti 70 ní kókó 91 lọ́nà 71, ìyẹn 6,461. Ẹ fi 0.3 sọ ọ́ di púpọ̀: kìlógíráàmù 1,938. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì! Aṣọ òwú gidi tó ń wọn gíráàmù 200 ní mítà kan níbùú lóòró kò ní ju nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lọ ní ìwọ̀n yẹn. Èmi kì í tún wá ka nọ́ńbà yẹn sí kìlógíráàmù mọ́. Ohun tó ṣe kókó ni bí ìwọ̀n kókó ṣe rí sí líle sípíríǹgì. Bí ẹ bá sọ àwọ̀n di kíkéré sí i láìfọwọ́ kan `Vertex Mass`, ẹ ti di ẹrù lé aṣọ lórí. Á máa nà bíi rọ́bà, ẹ ó sì rò pé `Stiffness` ni kò tó.

Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo pín àwọ̀n sí 180 àti 140 kí ìṣẹ́po lè dán, kókó di 25,521, aṣọ sì nà dé ibi tí kò yẹ. Mo dín `Vertex Mass` kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì dára. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti tan `Self Collisions`, èyí tí kì í jẹ́ kí aṣọ gba inú ara rẹ̀ kọjá, `Distance` tirẹ̀ náà sì jẹ́ 0.015. Ẹ rántí pé ojú àwọ̀n mi ti di sẹ̀ǹtímítà kan báyìí, ìyẹn 0.01. Mo ń sọ fún aṣọ pé kí ara rẹ̀ má sún mọ́ ara rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ, nígbà tí mo ti hun ún ní sẹ̀ǹtímítà kan. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Àmì tí ẹ fi máa mọ ìyàtọ̀ rèé: bí aṣọ bá ń gbọ̀n láti fírémù kejì tàbí ìkẹta, kó tó dé ibi tí tábìlì wà rárá, ẹ̀bi tábìlì kọ́. `Self Collisions` ni ẹ máa lọ wò. Ẹ fi `Distance` rẹ̀ sí bí ìdajì ojú àwọ̀n, 0.005 nínú ọ̀ràn tèmi. Bó bá jẹ́ ìgbà tó fara kan tábìlì ló bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, nígbà náà ni kí ẹ padà sí ara tábìlì. Àwọn kan máa ń fi ìṣó pa gbígbọ̀n yìí náà, wọ́n á ní ó ti dúró. Ó dúró lóòótọ́, bí ẹni tí wọ́n so lókùn ṣe ń dúró.

Mi ò ní ìṣó kò wúlò o. Níbi ayẹyẹ tí wọ́n ṣe níta, tí atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn tó ń bá wọn ṣètò ìjókòó máa ń fi kílíìpù di aṣọ mọ́ etí tábìlì. Ìyẹn ìṣó gidi ni, ó sì yẹ kó wà nínú àwòrán. Ẹ kan kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún níbi tí kílíìpù wà, kí ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kókó tí ẹ kàn kì í já bọ́. Bí aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 lókè, ibẹ̀ náà ni ìṣó á di í mú sí, aṣọ á wá rí bí àtíbàbà. Bí ẹ bá rí àtíbàbà, ẹ mọ̀ pé ìyẹn ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi `Hook` so àwọn kókó náà, kí ẹ gbé e sí òkè `Cloth` nínú àwọn `Modifier`, kí ẹ wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fírémù títí á fi dé etí tábìlì. Ọ̀nà yìí náà ni ẹ máa gbà bí ẹ bá fẹ́ kí ọwọ́ kan fa igun aṣọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi Blender ṣe àwòrán ìpolówó ka ohun tí mo kọ yìí kí n tó gbé e jáde. Ó ní, "Ẹni tó ń ra àwo oúnjẹ ò bi mí léèrè fíríkíṣọ̀n rí." Òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo lẹ fẹ́, tí ẹ kò ní fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé báyìí ni aṣọ ṣe ń ṣe, ẹ kàn án bó ṣe wù yín, ẹ tẹ `Apply`, ẹ lọ sùn. Ìjà mi wà pẹ̀lú àwa tí a ń kọ "àfarawé" sábẹ́ àwòrán wa, tí a sì ń fẹ́ kí èèyàn gbà wá gbọ́.

Mo tún fídíò náà ṣe, aṣọ méjèèjì wà lófẹ̀ẹ́, `Friction` wà ní 40. Aṣọ òkè dìde díẹ̀ létí tábìlì báyìí kó tó rọ̀ sísàlẹ̀, àǹkárá ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yẹn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa, wọ́n wá bi mí pé ibo ni mo ti rí 0.4, ṣé mo ti fi aṣọ àti pákó gidi wọ̀n ọ́n. Mi ò tíì wọ̀n ọ́n. Mo ti yá pákó kan báyìí, mo sì ti ní aṣọ méjèèjì. Màá tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀, màá máa gbé orí kan pákó náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, màá wá pín gíga orí yẹn pẹ̀lú bí pákó ṣe gùn lórí ilẹ̀ tó láti ìdí rẹ̀. Èsì ìpín yẹn ni màá fi rọ́pò 0.4.